Epo àná, epo òní, inú dírọ́ọ̀mù kan náà: Bí ẹ ṣe lè mọ iye tí ọjà yín jẹ́ gan-an nígbà tí owó rẹ̀ kò dúró sójú kan

Bí ẹ bá dé ìdí àwọn ìyá tó ń ta epo pupa lọ́jà, ẹ óo rí dírọ́ọ̀mù ńlá tí wọ́n ń da epo sí. Epo tí wọ́n rà lọ́sẹ̀ tó kọjá wà nínú rẹ̀, èyí tí ọkọ̀ já sílẹ̀ láàárọ̀ yìí náà wà nínú rẹ̀. Bí oníbàárà bá wá ra lítà márùn-ún, kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé èyí tí òun bù fún un, ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni, àbí tòní. Epo ti dà pọ̀ mọ́ epo.

Ká wá ní wọ́n ra ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ní ₦30,000 kẹ́ẹ̀gì kan, tí tòní sì jẹ́ ₦35,000. Èló gan-an ni ìyá elépo ra epo tó ń tà fún oníbàárà yìí? Bó bá sọ pé ₦30,000 ni, èrè tí kò sí ni yóò máa kà. Bó bá sọ pé ₦35,000 ni, ó lè máa rò pé òun ò jèrè rárá, nígbà tí èrè wà níbẹ̀. Èyí tó burú jù ni kó má mọ̀ rárá, kó kàn máa wo owó tó wà nínú àpò ìdí, kó sì máa ná an.

Àwọn akáńtáńtì ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà dáhùn ìbéèrè yìí, kò sì ju ìwé ìkọ̀wé kan, bírò kan àti ẹ̀rọ ìṣirò orí fóònù lọ. Ìpíndọ́gba oníwọ̀n la óo máa pè é nínú àlàyé yìí. Ohun tó ń ṣe nínú ìwé ni dírọ́ọ̀mù ń ṣe sí epo: yóò da owó àná àti owó òní pọ̀, gbogbo kẹ́ẹ̀gì tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù yóò sì di iye kan náà.

Epo pupa la óo fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ọjà tí owó rẹ̀ máa ń lọ sókè sódò lọ́dọọdún ni. Bí ẹyìn bá ń pọ́n dáadáa, láti nǹkan bí oṣù kejì sí oṣù karùn-ún, epo máa ń pọ̀, owó rẹ̀ a sì rọlẹ̀. Bí ẹyìn bá wọ́n, yóò tún gbéra sókè. Yàtọ̀ sí èyí, láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù lóṣù karùn-ún ọdún 2023, owó ọkọ̀ tí a fi ń kó ọjà náà ti di ohun tí à ń ṣọ́. Àmọ́ kì í ṣe elépo nìkan lọ̀rọ̀ kàn. Bí ẹ bá ń ta ìrẹsì, ṣúgà, sìmẹ́ńtì, ìṣó tàbí oúnjẹ adìyẹ, bákan náà ni ìṣirò yín yóò ṣe rí.

ÌPÍNDỌ́GBA TÓ TỌ̀NÀ ÀTI ÈYÍ TÓ Ń TAN NI JẸ

Ẹ jẹ́ ká mú ìyá elépo kan n'Ìbàdàn, tó ń ra epo rẹ̀ láti ìhà Okítìpupa, tó sì ń tà á ní kẹ́ẹ̀gì onílítà 25. Àwọn owó tí a óo dá yìí, ti àpẹẹrẹ ni, kì í ṣe iye tí epo jẹ́ lọ́jà lónìí.

Ìyá yìí ní kẹ́ẹ̀gì 40 nílẹ̀, ₦30,000 ló sì ra ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó tún ra 60 sí i, èyí tó jẹ́ ₦35,000 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni yóò sọ pé ọ̀rọ̀ náà ò le: ẹ ro ₦30,000 pọ̀ mọ́ ₦35,000, ẹ pín in sí méjì, ó di ₦32,500.

Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe wà. Ìṣirò yẹn ṣe bí ẹni pé iye kan náà ni kẹ́ẹ̀gì tó wà nílẹ̀ àti èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, èyí tó wọ́n ló pọ̀ jù. Ọ̀nà tó tọ́ ni pé kí ẹ kọ́kọ́ wá gbogbo owó, kí ẹ tó pín in fún gbogbo ọjà.

Kẹ́ẹ̀gì 40 ní ₦30,000 jẹ́ ₦1,200,000.
Kẹ́ẹ̀gì 60 ní ₦35,000 jẹ́ ₦2,100,000.
Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ kẹ́ẹ̀gì 100, àpapọ̀ owó sì jẹ́ ₦3,300,000.
Ẹ pín ₦3,300,000 sí ọ̀nà 100, ó di ₦33,000.

Ìdí tí a fi ń pè é ní oníwọ̀n nìyí: ọjà tó bá pọ̀ jù ló máa ń fa iye náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ìyàtọ̀ ₦500 tó wà láàárín ₦32,500 àti ₦33,000 lè dà bí ohun tí kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n lórí kẹ́ẹ̀gì 100, ₦50,000 ni. Owó tí ìyá elépo ná ni, àmọ́ ìwé rẹ̀ yóò sọ pé kò ná an, yóò sì kà á mọ́ èrè.

GBOGBO OWÓ TÓ BÁ ỌJÀ DÉ ṢỌ́Ọ̀BÙ NI KÍ Ẹ KÀ

Ẹ lè béèrè pé báwo la ṣe mọ̀ pé ₦35,000 ni kẹ́ẹ̀gì tuntun yẹn jẹ́. Iye tí ẹni tó ta epo náà gbà ní Okítìpupa kọ́ nìyẹn o. ₦34,000 ló tà á, èyí tó jẹ́ ₦2,040,000 fún 60. Ṣùgbọ́n ìyá elépo san ₦48,000 fún awakọ̀, ó sì fún àwọn alábàárù tó dì í sínú ọkọ̀ àti àwọn tó já a sílẹ̀ ní ₦12,000. Owó yìí jẹ́ ₦60,000 lápapọ̀, ó sì bọ́ sí ₦1,000 lórí kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan. Ìdí nìyí tó fi di ₦35,000.

Ìlànà tó wà níbẹ̀ ni pé gbogbo owó tí ẹ ná kí ọjà tó lè dé ibi tí ẹ ti fẹ́ tà á, tó sì wà ní ipò tó ṣeé tà, ara owó ọjà ni. Owó mọ́tò, owó alábàárù, àti owó ibodè fún àwọn tó ń kó ọjà láti òkè òkun, gbogbo rẹ̀ ló ń wọ inú rẹ̀. Bí ẹni tó tà á fún yín bá sì dín owó kù, ẹ yọ ìyẹn kúrò.

Àmọ́ owó ṣọ́ọ̀bù, owó ọmọ iṣẹ́ tó ń bá yín tajà, owó iná àti owó tí ẹ fi gbé ọjà lọ sílé oníbàárà kì í ṣe ara rẹ̀. Ìnáwó títà nìyẹn, inú èrè ni yóò ti jáde. Bí ẹ bá da méjèèjì pọ̀, ọjà tí ẹ kò tíì tà yóò máa wọ́n sí i nínú ìwé yín láìjẹ́ pé ẹ ra ohunkóhun.

ÌWÉ ỌJÀ, LÁTI Ọjọ́ KÌÍNÍ

Ẹ mú ìwé ìkọ̀wé kan, kí ẹ sì fún ọjà kọ̀ọ̀kan ní ojú ìwé tirẹ̀. Ẹ fa ìlà sí i kó lè ní ọ̀nà mẹ́ta: ohun tó wọlé, ohun tó jáde, àti ohun tó kù. Lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ óo máa kọ iye ọjà, iye owó ọ̀kan, àti àpapọ̀ owó. Òfin méjì péré ló ń darí ìwé yìí.

Àkọ́kọ́, bí ọjà bá wọlé, ìpíndọ́gba yóò yí padà. Ẹ óo ro owó tuntun mọ́ owó tó wà nílẹ̀, ẹ óo ro ọjà tuntun mọ́ ọjà tó wà nílẹ̀, ẹ óo sì pín owó fún ọjà.

Ìkejì, bí ọjà bá jáde, ìpíndọ́gba kì í yí padà. Iye tó wà lórí ìwé ni ẹ óo fi yọ ọjà tí ẹ tà, láìka èló tí ẹ tà á sí.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé ìyá elépo wa. Kẹ́ẹ̀gì 100 ló wà nílẹ̀ ní ₦33,000. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ó ta 70. Àṣà rẹ̀ ni láti fi ₦5,000 lé iye tó ra ọjà, nítorí náà ₦38,000 ló tà á.

Owó tó wọlé: 70 lọ́nà ₦38,000 jẹ́ ₦2,660,000.
Owó ọjà tó jáde: 70 lọ́nà ₦33,000 jẹ́ ₦2,310,000.
Èrè, kó tó yọ owó ṣọ́ọ̀bù àti ìnáwó mìíràn: ₦350,000.
Ohun tó kù nílẹ̀: kẹ́ẹ̀gì 30 ní ₦33,000, èyí tó jẹ́ ₦990,000.

Lẹ́yìn èyí, ó tún lọ ra 50. Epo ti gbówó lórí gan-an, nígbà tó fi máa dé ṣọ́ọ̀bù, ₦41,000 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́. Ìyẹn jẹ́ ₦2,050,000. Ó ro ó mọ́ ₦990,000 tó wà nílẹ̀, ó di ₦3,040,000. Kẹ́ẹ̀gì 30 àti 50 jẹ́ 80. Ó pín in, ìpíndọ́gba tuntun sì di ₦38,000.

Ó tún ta 60 ní ₦43,000, ó gba ₦2,580,000. Ọjà tó jáde jẹ́ ₦2,280,000, èrè sì jẹ́ ₦300,000. Kẹ́ẹ̀gì 20 ló kù, ₦760,000 sì ni iye wọn lórí ìwé.

Báwo lẹ ṣe lè mọ̀ pé ẹ kò ṣì í? Ẹ ro gbogbo owó tí ẹ fi ra ọjà pọ̀: ₦1,200,000, ₦2,100,000 àti ₦2,050,000. Ó jẹ́ ₦5,350,000. Lẹ wá ro ọjà tó jáde mọ́ èyí tó kù: ₦2,310,000, ₦2,280,000 àti ₦760,000. Òun náà jẹ́ ₦5,350,000. Kò sí kọ́bọ̀ kan tó sọnù. Bí méjèèjì kò bá bára mu, àṣìṣe wà níbì kan, ẹ má sì tíì ná èrè kankan.

ÈRÈ TÓ FẸ́ JẸ OJÚ OWÓ

Ibi tí a dé yìí ló yẹ kí gbogbo oníṣòwò fara balẹ̀ kà dáadáa. Ìṣirò ìyá elépo tọ̀nà, ìwé rẹ̀ mọ́, síbẹ̀ ojú owó rẹ̀ ti fẹ́ máa lọ.

Ẹ padà sí kẹ́ẹ̀gì 70 tó kọ́kọ́ tà. Ìwé sọ pé ó jèrè ₦350,000. Ká ní ó mú owó náà, ó fi san owó ilé-ìwé àwọn ọmọ. Ó ku ₦2,310,000 lọ́wọ́ rẹ̀, èyí tó jẹ́ iye tó fi ra epo náà gẹ́lẹ́. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ pé èrè lòun jẹ, òun ò fọwọ́ kan ojú owó.

Ṣùgbọ́n nígbà tó dé Okítìpupa, ₦41,000 ni kẹ́ẹ̀gì kan yóò ná an kó tó dé Ìbàdàn. Kí ni ₦2,310,000 lè rà? Kẹ́ẹ̀gì 56. Ẹni tó ta 70 ò lè ra ju 56 lọ, 14 ti wọmi. Kódà ká ní kò fọwọ́ kan kọ́bọ̀ nínú èrè náà, gbogbo ₦2,660,000 tó pa kò lè ra ju kẹ́ẹ̀gì 64 lọ. Láti dá 70 padà, ₦2,870,000 ló nílò. Ó fi ₦210,000 dín.

Bí èyí bá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹni tó ń kó kẹ́ẹ̀gì 100 wọ ọjà yóò di ẹni tó ń kó 50, àwọn ará ilé yóò sì máa wá ẹni tó ń ṣe é. Kò sẹ́ni tó ń ṣe é. Ohun tó fà á ni pé ó ń fi iye tó ra ọjà lánàá dá owó tí yóò tà á lónìí.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé iṣẹ́ ìpíndọ́gba kọ́ ni láti sọ iye tí ẹ óo tajà. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti sọ iye tí ọjà tó jáde ná yín àti iye tí èyí tó kù jẹ́. Ẹ̀yìn ló ń wò. Ẹni tó fẹ́ dá owó ọjà gbọ́dọ̀ wo iwájú: èló ni n óo ra òmíràn? Nítorí náà, ẹ kọ iye méjì sí ojú ìwé ọjà kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ ìpíndọ́gba sínú ìwé gẹ́gẹ́ bí a ti ṣe é. Lókè ojú ìwé náà, ẹ fi pẹ́ńsù kọ iye tí wọ́n ń ta ọjà náà fún yín lónìí, kí ẹ sì máa pààrọ̀ rẹ̀ nígbàkigbà tí ẹ bá pe àwọn tí ẹ ń rà lọ́wọ́ wọn.

Ká ní ìyá elépo ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ti ta 40 nínú 70 ní ₦38,000 kó tó gbọ́ pé epo ti di ₦41,000, ó sì ta 30 tó kù ní ₦43,000. ₦2,810,000 ni ì bá pa. Ìpíndọ́gba inú ìwé kò yí padà, ₦33,000 náà ni, ọjà tó jáde ṣì jẹ́ ₦2,310,000. Èrè inú ìwé yóò wá di ₦500,000, ₦60,000 péré ni ì bá sì fi dín láti dá kẹ́ẹ̀gì 70 padà. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ mọ̀ pé èrè yìí kì í ṣe ti jíjẹ. Nínú rẹ̀, owó epo tó ń bọ̀ ló pọ̀ jù.

Lóòótọ́, kì í ṣe ìgbà gbogbo lẹ lè fi owó lé ọjà. Bí àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín bá ṣì ń ta ti àtijọ́ ní ₦38,000, oníbàárà kò ní í ra tiyín ní ₦43,000. Nígbà yẹn, ohun tó kù tí ẹ lè ṣe ni láti fi èrè náà sílẹ̀ nínú òwò, kí ẹ má fi ṣe ìnáwó ilé títí ẹ óo fi rí ọjà mìíràn kó wọlé.

BÍ OWÓ ỌJÀ BÁ JÁ WÁLẸ̀ ŃKỌ́?

Kẹ́ẹ̀gì 20 ló kù sí ìyá elépo lọ́wọ́, ₦38,000 sì ni ìwé sọ pé ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́. Ká ní ẹyìn wá pọ́n lójijì, epo pọ̀ lọ́jà, wọn ò sì ra kẹ́ẹ̀gì kan ju ₦36,000 lọ mọ́. Yóò tún san ₦500 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan láti gbé e fún oníbàárà. ₦35,500 ló máa kù sí i lọ́wọ́.

Àwọn akáńtáńtì kì í jẹ́ kí ọjà dúró sínú ìwé ní iye tó ju ohun tó lè pa wọlé lọ. Èyí tó bá kéré nínú ìpíndọ́gba àti iye tí ọjà lè pa lẹ́yìn ìnáwó títà ni wọ́n ń lò. Nítorí náà, ìyá elépo yóò yọ ₦2,500 kúrò lórí kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan. ₦50,000 ni àdánù náà, ìgbà tó rí i ni yóò kọ ọ́ sílẹ̀, kò ní í dúró dìgbà tó bá tà á. Ọjà tó kù yóò di ₦710,000. Ó dunni, àmọ́ ó sàn kí ó mọ̀ ọ́n ṣáájú kó tó fi ₦760,000 tí kò sí ṣe ìdúró nígbà tó bá fẹ́ yáwó ní ilé ìfowópamọ́.

LẸ́Ẹ̀KAN LÓṢÙ, TÀBÍ NÍGBÀKIGBÀ TÍ ỌJÀ BÁ WỌLÉ?

Ọ̀nà tí a ti ń lò bọ̀ yìí ni ti ẹni tó ń ṣírò ní gbogbo ìgbà tó bá rajà. Àwọn mìíràn wà tó jẹ́ pé ìparí oṣù nìkan ni wọ́n ń ṣe é. Wọ́n á ro gbogbo ọjà tó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ kìíní oṣù mọ́ gbogbo èyí tí wọ́n rà, wọ́n á sì pín owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Fún ìyá elépo, ₦5,350,000 lórí kẹ́ẹ̀gì 150 ni, ó sì jẹ́ nǹkan bíi ₦35,667. Kẹ́ẹ̀gì 20 tó kù yóò wá di nǹkan bíi ₦713,000, dípò ₦760,000.

Ọ̀nà méjèèjì ni wọ́n gbà. Ti ìparí oṣù rọrùn fún ẹni tó ń ta ẹyọ kéékèèké tí kò lè máa kọ gbogbo títà sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní í mọ èrè rẹ̀ títí oṣù yóò fi parí. Bí owó ọjà bá ń yára gòkè, ti ìgbàkigbà ló sàn jù, nítorí pé ọjà tó kù nínú ìwé yóò sún mọ́ owó òní. Èyí tí ẹ bá mú, ẹ má fi í sílẹ̀. Ẹni tó bá ń lo ọ̀kan lóṣù yìí, tó tún mú òmíràn lóṣù tó ń bọ̀, kò lè mọ̀ bóyá òwò ló yí padà tàbí ìṣirò.

Ọ̀nà mìíràn tún wà, ìyẹn ni ká kà á pé ọjà tó kọ́kọ́ wọlé ló kọ́kọ́ jáde. Bí ìyá elépo bá lò ó, kẹ́ẹ̀gì 20 tó kù yóò jẹ́ ti ₦41,000, àpapọ̀ èrè rẹ̀ yóò sì di ₦710,000, dípò ₦650,000 tí ìpíndọ́gba fún un. Epo kan náà, títà kan náà, èrè ọ̀tọ̀. Ìlànà ìṣirò owó àgbáyé gba ọ̀nà yìí àti ìpíndọ́gba. Èyí tí kò gbà ni ká kà á pé ọjà tó dé kẹ́yìn ló kọ́kọ́ jáde. Àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí ìlànà náà lọ́dún 2003, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2005, ló fagi lé e. Ní Nàìjíríà, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tó wà lọ́jà ìpín ìdókòwò bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé ìlànà àgbáyé lọ́dún 2012, ó sì kan àwọn kéékèèké àti alábọ́ọ́dé lọ́dún 2014.

IBI TÍ ÌWÉ TI MÁA Ń DÀRÚ

Ohun àkọ́kọ́ ni pé kí ẹ máa ka ọjà pẹ̀lú ọwọ́, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Ìwé lè sọ pé 20 ló kù, kó jẹ́ pé 19 lẹ óo bá nílẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì lè jò, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ lè pọ̀ ní ìsàlẹ̀, ọmọ iṣẹ́ sì lè tà á láìkọ ọ́. Ẹ má fi owó ọ̀kan tó sọnù lé 19 tó kù lórí. Ẹ yọ ọ̀kan jáde ní ₦38,000, kí ẹ kọ ọ́ sí òfò. Bí ẹ bá fi lé ìyókù, ìpíndọ́gba yóò gòkè, ẹni tó ń jí ọjà yín kó yóò sì máa sá pamọ́ sẹ́yìn owó ọjà tó wọ́n.

Ìkejì, ẹ má da ọjà tí kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn pọ̀ sójú ìwé kan. Epo tó mọ́ gaara àti èyí tó dì, owó wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹni tó ń ta ọkọ̀ àlòkù tàbí jẹnẹrétọ̀ ńlá tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ kò tilẹ̀ nílò ìpíndọ́gba. Iye tó ra ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kó kọ sí i lára. Ọjà tó jọra, tí a kò lè dá mọ̀ yàtọ̀ mọ́ lẹ́yìn tó bá ti wọ ṣọ́ọ̀bù, ni ìpíndọ́gba wà fún.

Ìkẹta, bí ìpíndọ́gba bá ní kọ́bọ̀ lẹ́yìn, bíi ₦35,666.67, ẹ má sọ ọ́ di ₦36,000 kó lè rọrùn. Àpapọ̀ owó ni kí ẹ dì mú ṣinṣin, torí òun ni òótọ́ owó tí ẹ ná. Bí ẹ bá ń fi nǹkan bíi ₦333 kún un lórí kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan, kò ní í pẹ́ tí ọjà inú ìwé àti owó inú ìwé kò fi ní í bá ara wọn ṣe mọ́.

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kò nílò láti dúró de oṣù tuntun. Bí ẹ bá ti ṣọ́ọ̀bù lálẹ́ òní, ẹ mú ọjà kan ṣoṣo, èyí tó ń tà jù. Ẹ kà á. Ẹ wá rìsíìtì méjì tàbí mẹ́ta tí ẹ fi rà á kẹ́yìn, kí ẹ ro owó mọ́tò mọ́ ọn, kí ẹ sì pín owó náà fún iye ọjà. Lẹ́yìn náà, ẹ pe ẹni tí ẹ ń rà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ béèrè iye tó ń tà á báyìí. Bí iye tó dá fún yín bá ti ju iye tí ẹ̀yin fúnra yín ń tà á lọ, ẹ ti mọ ohun tó ń jẹ òwò yín.